Ẹ Má Se Èèrí Kọfí Lẹ́ẹ̀kejì, Ẹ Má sì Dà Á Sínú Síńkì

Ẹ̀yin ará Ṣàngótẹ̀dó, àti ẹ̀yin ará Ajá, Abíjo àti gbogbo ojú títì Lẹ́kì sí Ẹ̀pẹ́, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ kò ju ẹ̀kúnwọ́ kan lọ. Ẹ̀kúnwọ́ náà dúdú, ó tutù, ó sì ń ta sánsán. Òun ló máa ń kù nínú asẹ́ nígbà tí ẹ bá ti po kọfí tán. Èèrí kọfí ni mo ń pè é, nítorí ọmọ ìyá kan náà ni òun àti èèrí ògì: omi ti kó ohun tó fẹ́ kó lọ, èyí tó kọ̀ tí kò bá omi lọ ló jókòó sórí asẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kò kan gbogbo èèyàn o. Ẹni tó bá ń mu Nẹskafé inú agolo, tàbí èyí tí wọ́n ti po mílíìkì àti ṣúgà mọ́ nínú sáṣẹ́ẹ̀tì, kò ní èèrí kankan láti dà nù. Ilé-iṣẹ́ ti bá a se kọfí náà, wọ́n ti sẹ́ ẹ, wọ́n ti fa omi ara rẹ̀ gbẹ. Ọ̀dọ̀ wọn ni èèrí kù sí. Ẹni tó ń ra kọfí lílọ̀, tàbí tó ní ẹ̀rọ kọfí lọ́fíìsì, tàbí tó ń tà á ní kọ́ọ̀pù ní ẹ̀gbẹ́ títì, ni mo ń bá wí. Ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, a kò tó nǹkan ní àdúgbò yìí. Nísinsìnyí, tí mo bá jáde láàárọ̀, mo máa ń gbóòórùn kọfí yíyan kí n tó gbóòórùn àkàrà.

Àṣìṣe tí mo kọ́kọ́ fẹ́ sọ, èmi náà ti ṣe é. Nígbà tí owó kọfí lílọ̀ lọ sókè, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi èèrí àárọ̀ pamọ́ di ọ̀sán, kí n tún da omi gbígbóná lé e. Àgbo ìyá mi ló wà lọ́kàn mi. Ìkòkò àgbo tí wọ́n gbé kaná lọ́jọ́ Ajé ṣì ń wà lórí ààrò lọ́jọ́bọ̀. Bí omi rẹ̀ bá fà, wọ́n á bu òmíràn sí i, wọ́n á tún koná mọ́ ọn, kíkorò rẹ̀ kò sì dín. Mo ní bí egbò igi bá lè ṣe é fún ọjọ́ mẹ́rin, kí ló dé tí kọfí kò fi ní ṣe é lẹ́ẹ̀mejì?

Ohun tí mo gbàgbé ni pé egbò igi àti èèpo igi máa ń nípọn. Omi ní láti rìn wọ inú wọn díẹ̀díẹ̀, kó sì tún rìn jáde pẹ̀lú ohun tó bá rí níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí ìkòkò fi ń ní nǹkan láti fún wa lọ́jọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta. Kọfí kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti yan án títí omi ara rẹ̀ fi tán tí inú rẹ̀ sì di wúruwùru bí inú búrẹ́dì gbígbẹ, wọ́n wá tún lọ̀ ọ́ kúnná bíi gaàrí. Ibi gbogbo lára rẹ̀ ló ṣí sílẹ̀ fún omi. Ohun tí egbò fi ọjọ́ mẹ́rin tú sílẹ̀, kọfí fi ìṣẹ́jú mẹ́rin tú u.

Kì í sì í ṣe pé gbogbo rẹ̀ ń jáde pa pọ̀. Òórùn dídùn ló máa ń kọ́kọ́ sá jáde. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí omi bá ti kan kọfí ni gbogbo ilé ti gbọ́. Ohun tó ní kíkan díẹ̀, èyí tó ń mú kọfí dùn lẹ́nu bí èso, ń bá a jáde. Adùn rẹ̀ á tẹ̀lé e. Ìkorò tó le, tó ń fà mọ́ ahọ́n bí ìgbà téèyàn jẹ èèpo obì, ló máa ń gbẹ́yìn. Kaféènì, èyí tó ń lé oorun lójú, kì í dúró de ẹ̀yìn. Omi àkọ́kọ́ ti máa ń kó èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ lọ. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá ń da omi kejì lé èèrí, àwọn tí ẹ fẹ́ pè ti kúrò nílé. Àwọn tó ń lọ́ra ló kù, ìkorò ni púpọ̀ nínú wọn.

Láàárín ọdún 1950 sí 1960, onímọ̀ kẹ́míkà ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Ernest Lockhart wọn ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, ìṣirò rẹ̀ ni àwọn tó ń po kọfí ṣì ń lò títí dòní. Nínú 100 gíráàmù kọfí yíyan, nǹkan bí 30 péré ni omi gbígbóná lè tú. Èyí tó kù, igi lásán ni, ẹ lè se é títí ilẹ̀ á fi ṣú. Nínú 30 yẹn pàápàá, kọfí tó dùn kì í gbà ju nǹkan bí 18 sí 22 lọ. Bí ẹ bá gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìkorò á bẹ̀rẹ̀ sí í borí.

Mo gbé e sórí òṣùwọ̀n kékeré tí ìyàwó mi fi ń ṣe kéèkì. Mo wọn kọfí lílọ̀ gíráàmù 15, tó jẹ́ nǹkan bí ṣíbí ìjẹun méjì àbọ̀ sí mẹ́ta. Mo da omi mílílítà 250 lé e, omi tó ti hó tó sì sinmi bí ìṣẹ́jú kan. Mo fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́rin, mo sẹ́ ẹ. Mo wá tẹ́ èèrí náà sórí abọ́ irin nínú oòrùn fún ọjọ́ méjì gbáko títí ó fi ń dún ṣaraṣara. Nígbà tí mo tún wọ̀n ọ́n, ó lé díẹ̀ ní gíráàmù 12. Ibi tí gíráàmù bíi mẹ́ta wọlé sí nìyẹn: inú kọ́ọ̀pù mi. Nínú gíráàmù 15 tí mo ti rò pé mo ń mu, gíráàmù mẹ́ta péré ni mo ń mu.

Ẹ wá wò ó. Bí omi bá lè tú ìdá 30 nínú 100, gíráàmù mẹ́rin àbọ̀ ni gbogbo ohun tó lè jáde lára gíráàmù 15. Mẹ́ta ti lọ. Ọ̀kan àbọ̀ ló kù, àwọn ọlẹ àti àwọn oníkorò ni. Ká ní omi kejì rí ìdajì gíráàmù tàbí díẹ̀ lé e gbà lọ́wọ́ wọn, ó ti ṣiṣẹ́ nìyẹn.

Ẹnì kan á ní, "Ṣùgbọ́n tèmi ṣì máa ń dúdú díẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì." Òótọ́ ni, àwọ̀ yẹn gan-an ló ń tàn wá. Èèrí kọfí máa ń mu omi bíi kànìnkànìn. Gíráàmù 15 á fa omi bíi gíráàmù 30 mọ́ra, kò sì ní jẹ́ kó jáde. Omi wo nìyẹn? Kọfí àkọ́kọ́ ni. Nínú mílílítà 250 tí mo dà sí i, bíi 220 ló dé kọ́ọ̀pù mi. Èyí tó kù wà nínú èèrí, ó gbé nǹkan bíi gíráàmù 0.4 dání. Nígbà tí mo bá da omi kejì, òun ló máa ń kọ́kọ́ yọjú. Ìyẹn ni pé bí ìdajì ohun tó wà nínú kọ́ọ̀pù kejì, ìṣẹ́kù kọ́ọ̀pù àkọ́kọ́ ni. Ẹ pa gbogbo rẹ̀ pọ̀, ẹ á rí i pé kọ́ọ̀pù kejì kò lágbára ju bí ìdá mẹ́ta ti àkọ́kọ́ lọ, kò sì ní òórùn.

Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì, ẹ dán an wò nílé. Ẹ mú èèrí kan náà, ẹ pín in sí méjì. Ẹ fi omi tútù ṣan apá kan nínú asẹ́ fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan, ẹ jẹ́ kí apá kejì wà bẹ́ẹ̀. Ẹ wá po méjèèjì pẹ̀lú omi gbígbóná tó dọ́gba nínú ife gíláàsì, ẹ gbé wọn sójú fèrèsé. Èyí tí ẹ kò ṣàn á dà bíi Lípítìnì tí wọ́n ti pò fún èèyàn mẹ́ta. Èyí tí ẹ ṣàn á fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí omi tí a fi fọ abọ́. Ẹ tọ́ ọ wò lẹ́yìn tó bá tutù díẹ̀. Ahọ́n yín á sọ èyí tó kù.

Àmọ́ ṣá o, ọ̀nà kan wà tí kọ́ọ̀pù kejì fi lè lágbára bíi ti àkọ́kọ́. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ yín, ẹ má yọ̀. Àkọ́kọ́ ni ẹ kò pò dáadáa. Bóyá kọfí yín kò kúnná tó, bóyá omi yín ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, tàbí ẹ kò ní sùúrù fún un. Ẹ tún àkọ́kọ́ ṣe, owó yín á dé sínú kọ́ọ̀pù kan ṣoṣo. Bí ó bá sì jẹ́ pé kọfí ló wọ́n, ẹ lo kọ́ọ̀pù kékeré: gíráàmù 10 sínú omi mílílítà 160 á dùn bíi gíráàmù 15 sínú 250. Èyí tí àwọn kan ń ṣe, tí wọ́n ń bu ṣíbí kọfí tuntun kan lé èèrí àná, òun ló burú jù. Èèrí náà kò fi nǹkan kan kún un ju ìkorò lọ, á sì tún dí asẹ́. Ẹ tún rántí ooru ilẹ̀ wa. Èèrí tútù tí ẹ fi sílẹ̀ lórí káńtà láti alẹ́ lè ti bu funfun lójú kó tó di ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, kò sẹ́ni tó yẹ kó mu omi ìyẹn.

Ó dáa, ẹ kò ní sè é lẹ́ẹ̀kejì mọ́. Níbo ni ẹ fẹ́ dà á sí?

Ẹ jọ̀wọ́, kì í ṣe síńkì. Mo mọ̀ pé ó rọrùn: èèyàn á kàn ṣí ẹ̀rọ, omi á gbé e lọ, ojú kò rí i mọ́. Ibi tí omi gbé e lọ kò jìnnà. Síńkì tiwa bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ra ní ìgbà òjò, ó wá di ọjọ́ kan tí omi ìfọbọ́ dúró sínú rẹ̀ bí adágún. Nígbà tí púlọ́mbà tú ìgbọ̀nwọ́ páìpù tó wà lábẹ́ síńkì, ohun tó já bọ́ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dà bí amọ̀ dúdú: èèrí kọfí tí epo pupa àti òróró dídì ti lẹ̀ pọ̀ mọ́ra. Ó fi ọwọ́ fọ́ ọ, ó wò mí, ó ní, "Ọ̀gá, ṣé ẹ ń gbin nǹkan sínú páìpù ni?" Owó tí mo san fún un lọ́jọ́ náà ju iye tí mo fi kọ́ọ̀pù kejì jèrè lọ fíìfíì.

Ẹ ronú sí i. Ohun tí omi gbígbóná kò lè tú nínú ìṣẹ́jú mẹ́rin, báwo ni omi tútù á ṣe tú u nínú páìpù? Èyí tó lè tú ti tú sínú kọ́ọ̀pù, igi lásán ló kù. Bó bá sì kọjá páìpù, inú sokawéè ni yóò jókòó sí. Ní Ṣàngótẹ̀dó níbi tí èèyàn gbẹ́ ilẹ̀ díẹ̀ tó ti bá omi pàdé, sokawéè wa kò nílò ìrànlọ́wọ́ láti tètè kún.

Ẹ má sì fún ewúrẹ́ jẹ. Nítorí pé èèrí ògì jẹ́ oúnjẹ ewúrẹ́ àti ẹlẹ́dẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ó máa ń wá sọ́kàn èèyàn pé èèrí kọfí náà á rí bẹ́ẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kaféènì tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀ kò tó láti la ojú yín, ṣùgbọ́n ó lè tó láti da ẹran àti adìẹ láàmú, pàápàá bí ó bá jẹ́ odindi bọ́kẹ́ẹ̀tì láti ṣọ́ọ̀bù kọfí. Ti ajá ló burú jù: ara rẹ̀ kì í tètè lé kaféènì jáde, ọkàn rẹ̀ á máa sáré, ara rẹ̀ á máa gbọ̀n, ó sì lè kú. Ẹni tó bá ní ajá kó fi ìdérí lé bọ́kẹ́ẹ̀tì èèrí rẹ̀.

Ilẹ̀ ni ibi tó yẹ kí èèrí lọ, ibẹ̀ náà ni àṣìṣe mi kejì ti ṣẹlẹ̀. Mo ti gbọ́ pé ajílẹ̀ ni. Mo wá ń da èèrí tútù yí ewédú mi ká láràárọ̀, títí ó fi nípọn tó ìka méjì. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ewédú náà dúró gbagidi, ewé rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Nígbà tí mo bomi rin ín, omi náà ń yọ̀ lórí èèrí bí ẹni pé lórí ọ̀rá. Ó ti gbẹ, ó ti di èèpá. Mo gbé èèpá náà sókè, yanrìn ìsàlẹ̀ rẹ̀ gbẹ fúrúfúrú.

Kì í ṣe èmi nìkan ló bá bẹ́ẹ̀ pàdé. Ní 2016, àwọn olùwádìí méjì ní Yunifásítì Mẹ́líbọ̀ọ̀nù ní Ọsirélíà tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n da èèrí kọfí tí kò tíì jẹrà sí ilẹ̀ oríṣiríṣi, wọ́n gbin oríṣi irúgbìn márùn-ún sí i, gbogbo wọn ni kò dàgbà bó ṣe yẹ. Náítírójìn wà nínú èèrí lóòótọ́, bí ìdá méjì nínú 100, àmọ́ ewéko kò lè jẹ ẹ́ ní tútù. Àwọn kòkòrò tíntìntín tó ń mú nǹkan jẹrà ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ ẹ́. Nígbà tí wọ́n bá sì wà lórí oúnjẹ, náítírójìn tó wà nínú ilẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n máa ń fi jẹ ẹ́. Ewédú mi kò rí nǹkan jẹ nítorí pé àlejò pọ̀ nídìí abọ́. Yàtọ̀ sí èyí, kaféènì tó kù àti àwọn èròjà oníkorò kò jẹ́ kí irúgbìn kékeré ta gbòǹgbò.

Kó kọ́kọ́ jẹrà ni. Àwọn baba wa mọ èyí láìsí yunifásítì. Ẹ̀yìn ààtàn ni ìbẹ́pẹ àti tẹ̀tẹ̀ máa ń sanra sí, kì í ṣe orí pàǹtí òní. Ọ̀mọ̀wé Linda Chalker-Scott ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Wáṣíńtìnì ní Amẹ́ríkà gbà wá nímọ̀ràn pé kí èèrí kọfí má ju ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo ohun tí a kó jọ lọ. Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Mo dá ihò sí ìdí àti ẹ̀gbẹ́ dúrọ́ọ̀mù oníke kan. Bí mo bá bu abọ́ èèrí kọfí kan sí i, mo máa ń bu abọ́ èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí èèpo iṣu kan lé e, kí n wá bu abọ́ ewé gbígbẹ mẹ́ta lé gbogbo rẹ̀. Mo ń wọ́n omi sí i títí yóò fi rí bí aṣọ tí a fọ̀ tí a sì fún gbẹ: bí mo bá fún un lọ́wọ́, ó ń tutù mọ́ mi lọ́wọ́ ṣùgbọ́n omi kò kán. Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni mo ń fi ṣọ́bìrì yí i. Tí ó bá ń rùn bí ilé ìtọ̀, omi ti pọ̀ jù tàbí ewé gbígbẹ ti kéré jù. Mo máa ń fi ewé kún un, mo sì ń bò ó nígbà òjò.

Tó bá tó nǹkan bí oṣù mẹ́ta, ó máa ń di dúdú, á sì máa rùn bí ilẹ̀ tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. Síbẹ̀ n kì í gbà á gbọ́ bẹ́ẹ̀. Mo máa ń bu díẹ̀ sínú agolo, kí n gbin hóró tẹ̀tẹ̀ mẹ́wàá sí i. Bí mẹ́jọ nínú wọn bá hù láàárín ọ̀sẹ̀ kan tí ewé wọn sì tutù yọ̀yọ̀, ó ti yá. Bí méjì tàbí mẹ́ta bá hù tí wọ́n sì rọ, mo máa ń dá a padà fún oṣù kan sí i. Yanrìn tí wọ́n fi kún ilẹ̀ wa níbí kì í di omi mú rárá. Ẹ bomi rin ín láàárọ̀, ọ̀sán á bá a ní gbígbẹ. Ohun tó ti jẹrà yìí ló ń dì í mú. Abọ́ kan sí abọ́ yanrìn mẹ́ta, ata mi kò tún ní kí n bomi rin òun lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ mọ́.

Àwọn kan á ní kí ìjọba wá máa kó èèrí kọfí. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ bio-bean bẹ̀rẹ̀ ní 2013, wọ́n ń kó èèrí lọ́dọ̀ àwọn ṣọ́ọ̀bù kọfí, wọ́n ń gbẹ ẹ́, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ di ìtì tí àwọn èèyàn ń dáná nínú òtútù. Iṣẹ́ tó dára ni, àmọ́ ní 2023 ó kógbá sílé. Èyí tó ju ìdajì èèrí tútù lọ ni omi. Ẹni tó bá ń fi ọkọ̀ gbé e, omi ló ń fi dísẹ́ẹ̀lì gbé kiri. Tiwa kò gbọ́dọ̀ rin ìrìn àjò nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ajá. Àdúgbò tí wọ́n ti mu ún ni kó jẹrà sí.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń ta kọfí, ẹ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì onídèérí kan sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ẹ sì jẹ́ kí ẹni tó ní ọgbà wá gbé e lọ́jọ́ náà gan-an, kó má di ọjọ́ kẹta. Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ ẹ́sítéètì, dúrọ́ọ̀mù méjì ní igun géètì tó: ọ̀kan tó ń kún, ọ̀kan tó ń jẹrà. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé òkè ilé tí ẹ kò ní ilẹ̀, ẹ tẹ́ ẹ sórí ìwé ìròyìn ní bákónì kó gbẹ kí ẹ tó kó o fún àwọn píẹ́sípì. Àpò yín á fúyẹ́, kò sì ní máa kán omi dúdú sílẹ̀ ní àtẹ̀gùn.

Dúrọ́ọ̀mù tiwa wà lẹ́yìn géètì, lábẹ́ igi máńgòrò. Ẹni tó bá fẹ́ dà tirẹ̀ sí i kó dà á. Bébà asẹ́ lè bá a wọlé, yóò jẹrà. Àwọn tí ń lo ife oníke kéékèèké tí wọ́n ń kì sínú ẹ̀rọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ já a, ẹ gbọn inú rẹ̀ sí dúrọ́ọ̀mù, kí ẹ mú ike padà sílé. Mo ti ṣa mọ́kàndínlógún nínú rẹ̀ láàárín ata.